Ìṣẹ́jú Ọgbọ̀n Tó Ń Jẹ Owó Òbí

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù ìyá rẹ̀ kò rí náírà kankan lójú fóònù yẹn. Dáyámọ́ńdì ló rí, owó wúrà ló rí, àpótí kan tó ń dán gbinrin ló rí, bọ́tìnnì kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, àpótí ṣí, inú rẹ̀ dùn, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, tí mo ti ń bá àwọn ìdílé to fóònù n'Íbàdàn, mi ò tíì rí ọmọ kékeré kan tó fi ọkàn olè tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ohun tí wọ́n gbé sí i níwájú ló tẹ̀. Owó tó jáde kò sí nínú ohun tó ń wò rárá.

Ọ̀rọ̀ náà le fún wa nílé ju bó ṣe rí fún ẹni tó ń fi káàdì àwìn rajà nílẹ̀ òkèèrè lọ. Ẹni yẹn á rí ìwé gbèsè rẹ̀ lópin oṣù, ó sì lè bá báńkì rẹ̀ jiyàn kó tó san kọ́bọ̀. Káàdì tí ọ̀pọ̀ wa so mọ́ Google Play ni káàdì ATM, èyí tó ń fa owó látinú àkáǹtì ní kíá. Owó oúnjẹ, owó iléèwé àti owó ọjà lè wà pa pọ̀ nínú àkáǹtì kan ṣoṣo yẹn. Tí wọ́n bá fà á tán láago méje alẹ́, kò sí owó ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má fi ìkìlọ̀ ẹnu nìkan ṣe ààbò. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bóyá owó yóò jáde: ìgbà tí fóònù ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àgbà, ẹni tó ni àkáǹtì tí ọmọ ń lò, àti iye owó tí fóònù náà lè fọwọ́ kàn. Èyí àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé àwọn ti ṣe parí, òun gan-an sì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àlàfo tó wà nínú bí fóònù ṣe ń béèrè àṣẹ ní ìtàn. Lọ́dún 2009 ni Apple gba àwọn tó ń ṣe áàpù láyè láti máa ta ọjà nínú áàpù fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọjà fi kún inú géèmù àwọn ọmọdé, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà yẹn, tí òbí bá ti tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, odindi ìṣẹ́jú 15 ni fóònù fi máa ń gbà pé òbí náà ṣì wà níbẹ̀. Ohunkóhun tí ọmọ bá rà láàárín ìṣẹ́jú náà, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, torí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Àjọ FTC, tó ń dáàbò bo oníbàárà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Apple gbà láti dá owó tí kò ní dín ní mílíọ̀nù 32.5 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Google gbà láti dá mílíọ̀nù 19 dọ́là padà, ó kéré tán. Lọ́dọ̀ Google, ìṣẹ́jú 30 ni àlàfo náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, adájọ́ kan dá Amazon náà lẹ́bi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹjọ́ wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ náà máa ṣàlàyé fún oníbàárà kí wọ́n tó gba owó rẹ̀, kí wọ́n sì fún un láyè láti yan ohun tó fẹ́. Àmọ́ àlàfo náà kò parẹ́. Ó di ọ̀kan nínú ohun tí ènìyàn lè yàn. Lórí Google Play, yíyàn mẹ́ta ló wà: "Always", kí fóònù máa béèrè ní gbogbo ìgbà, "Every 30 minutes", kó béèrè lẹ́ẹ̀kan, kó sì dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti "Never", kó má béèrè láé. Òbí tó yan èkejì rò pé òun ti ilẹ̀kùn. Ó tì í lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà á kọjá ló ń fi í sílẹ̀ gbayawu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan. Ká ní ìyá kan jẹ́ aránṣọ, fóònù Android kan ṣoṣo ló sì ní. Òun náà ló fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, òun náà ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fi ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lálẹ́. Káàdì ATM rẹ̀ wà nínú Google Play, "Every 30 minutes" ló sì wà nínú ètò rẹ̀. Ní agogo méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá san ₦2,000 fún áàpù kan tó ń kó sítáìlì aṣọ jọ. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, owó náà lọ. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, ó sì na fóònù sí ọmọ pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Láago méje géérégé, ọmọ ti wà nínú géèmù rẹ̀. Ó ra àpótí agbábọ́ọ̀lù ₦1,800 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ₦5,400. Kò rí agbábọ́ọ̀lù tó ń wá, ó wá ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ₦4,500, lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ₦9,000. Ó tún ra èyí tó jẹ́ ₦9,000 lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí yóò fi di agogo méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, ₦23,400 ti lọ. Ìyá kò gbọ́ nǹkan kan, torí pé orí í-meèlì nìkan ni báńkì ń fi àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń tú síta. Nígbà tí agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé. Ọmọ tún tẹ bọ́tìnnì, fóònù wá béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ọmọ náà gbé e tọ ìyá rẹ̀ lọ láìsí ìbẹ̀rù kankan pé: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà yín, kò gbà mọ́." Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí bóyá ọmọ sọ ọ́. Tí ọmọ bá ní "kò gbà mọ́", ó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àlàfo ló fa ìnáwó náà, kì í ṣe pé ọmọ jí pásíwọ́ọ̀dù wò. Tí ìnáwó náà bá sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àgbà kò tíì ra ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn, ibòmíràn ló yẹ kí a wò: bóyá "Never" ló wà níbẹ̀, tàbí ìka ọmọ ni fóònù ń gbà.

Ọ̀rọ̀ ìka yìí pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn òbí máa ń forúkọ ìka ọmọ sílẹ̀ lórí fóònù kó lè máa ṣí i fúnra rẹ̀ láìpè wọ́n. Nígbà tó bá yá, wọ́n á wá gba Google Play láyè pé kó máa fi ìka dípò pásíwọ́ọ̀dù. Fóònù kò mọ ìka ìyá yàtọ̀ sí ìka ọmọ nígbà tó bá kan owó. Ìka èyíkéyìí tó bá ti mọ̀ ló gbà. Bí ètò náà tilẹ̀ wà lórí "Always", ọmọ á kàn máa fi àtàǹpàkò rẹ̀ dáhùn gbogbo ìbéèrè ni. Tí fóònù bá jẹ́ ti àjọlò, ẹ yọ ìka ọmọ kúrò, tàbí kí ẹ pa ìlò ìka lórí Google Play kí pásíwọ́ọ̀dù nìkan lè ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe ń tún ètò náà ṣe kò le. Ẹ ṣí Google Play, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ "Settings", kí ẹ sì wá "Purchase verification". Lórí àwọn fóònù tó ti pẹ́ díẹ̀, abẹ́ "Authentication" ni ẹ ó ti rí i, orúkọ rẹ̀ a sì máa jẹ́ "Require authentication for purchases". Ẹ yan "Always" tàbí gbólóhùn tó bá sọ pé gbogbo ohun tí ẹ bá rà. Fóònù á béèrè pásíwọ́ọ̀dù kó tó gba ìyípadà náà. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ níṣojú ọmọ. Orí fóònù yẹn àti àkáǹtì yẹn nìkan ni yíyàn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Tí tábúlẹ́ẹ̀tì kan bá wà nílé tí àkáǹtì yín wà lórí rẹ̀, ó fẹ́ ètò tirẹ̀. Tí ẹ bá ra fóònù tuntun, tàbí tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kó tó tún un ṣe, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí.

Òótọ́ ni pé fún àwọn áàpù tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ọdún 12 sí ìsàlẹ̀, Google Play máa ń béèrè àṣẹ nígbà gbogbo, ohun yòówù kí ẹ yàn. Àwọn òbí kan gbọ́ èyí, ọkàn wọn sì balẹ̀. Àmọ́ géèmù tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù, bọ́ọ̀lù, eré ìje ọkọ̀, ìbọn yínyìn, tàgbà-tèwe ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún. Ààbò yẹn kò kàn wọ́n.

Lẹ́yìn tí mo bá ti tún ètò ṣe, mi ò kì í gba ohun tó kọ sójú fóònù gbọ́ títí màá fi dán an wò. Ọ̀nà tí mò ń gbà dán an wò ni pé kí òbí fi pásíwọ́ọ̀dù ra ohun kan tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú áàpù, ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa lò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kó tún tẹ bọ́tìnnì ọjà mìíràn. Tí fóònù bá tún béèrè, ẹ padà sẹ́yìn láìrà á, ètò náà ti dúró. Tí kò bá béèrè, àlàfo ṣì wà. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, torí pé ní ìgbà àkọ́kọ́, "Always" àti "Every 30 minutes" jọra bí ìbejì. Ìgbà kejì ni ìyàtọ̀ wọn máa ń hàn.

Ohun kejì ni àkáǹtì. Gbogbo ohun tí mo sọ títí di ìsinsìnyí, ọmọ tó ń lo fóònù ìyá rẹ̀ lábẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà fún. Lójú Google, ọmọ yẹn kò sí. Ìyá ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá ló ń ra agbábọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí àwọn òbí kan fi máa ń wá bá mi pé àwọn ti gba Family Link, áàpù Google tí òbí fi ń ṣàkóso fóònù ọmọ, sórí fóònù, síbẹ̀ owó ń lọ. Nígbà tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa ń rí i pé lóòótọ́ ni àkáǹtì ọmọ wà, àmọ́ orí fóònù òbí, lábẹ́ àkáǹtì òbí, ni ọmọ ti ń ṣeré. Àṣẹ gbígbà kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹni tí kì í béèrè.

Tí ọmọ bá ní fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí òbí lò kù, ẹ fi àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹgbẹ́ ìdílé yín lórí Google. Ẹni mẹ́fà ni ẹgbẹ́ náà lè gbà, òbí tó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni márùn-ún. Lẹ́yìn náà, lórí fóònù òbí, ẹ ṣí Google Play, ẹ lọ sí "Settings", "Family", "Manage family members", ẹ tẹ orúkọ ọmọ, kí ẹ sì wá "Purchase approvals". Ibẹ̀ ni ẹ ó ti yan ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún. Ẹ lè ní kó máa béèrè fún ohun gbogbo, títí kan áàpù ọ̀fẹ́. Ẹ lè ní kó máa béèrè kìkì fún ohun tí a fi owó ìdílé rà, tàbí fún ọjà inú áàpù nìkan. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ohun gbogbo ni mo máa ń yàn, "All content". Inú géèmù ọ̀fẹ́ ni ọjà wà. Òbí tó bá rí géèmù náà kó tó wọlé lè wo ojú ewé rẹ̀ lórí Google Play, kó wò ó bóyá wọ́n kọ "In-app purchases" sábẹ́ orúkọ rẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ mọ ohun tó ń bọ̀.

Tí ọmọ bá wá fẹ́ ra nǹkan, ọ̀nà méjì ni àṣẹ lè gbà dé. Òbí lè tẹ pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ sórí fóònù ọmọ, tàbí kí ìbéèrè náà wá sórí fóònù òbí fúnra rẹ̀. Èkejì ni mo fara mọ́. Òbí tó bá ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí fóònù ọmọ lójoojúmọ́, ọmọ á mọ̀ ọ́n kó tó pẹ́, nítorí ojú ọmọ kì í sùn. Nígbà tí ìbéèrè bá dé sórí fóònù òbí, ẹ̀wẹ̀, orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ ní owó gidi á hàn sí i. Ohun tó jẹ́ dáyámọ́ńdì lójú ọmọ ti padà di náírà níwájú àgbà.

Àṣẹ yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ parí sí, ó sì yẹ kí òbí mọ ibẹ̀. Ohun tó bá gba ọ̀dọ̀ Google Play sanwó nìkan ló lè dá dúró. Tí géèmù bá gbé ọmọ lọ sí ojú ewé mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ní kó kọ nọ́ńbà káàdì síbẹ̀, Google Play kò ní mọ̀. Káàdì tó wà nílẹ̀ lórí tábìlì ni ewu nígbà náà. Bákan náà, òbí kò ní rí ìbéèrè tí ọmọ bá tún gba ohun tó ti rà tẹ́lẹ̀, tàbí tó bá lo kóòdù ẹ̀bùn, tàbí tí áàpù bá kàn ń gba àtúnṣe tuntun. Èyí kò burú, torí pé kò sí owó tuntun tó ń jáde níbẹ̀. Àmọ́ ìsanwó oṣooṣù yàtọ̀. Àṣẹ ẹ̀ẹ̀kan ni òbí fún un, owó á sì máa jáde lóṣooṣù láìtún béèrè. Yíyọ géèmù kúrò lórí fóònù kò dá a dúró. Inú "Payments & subscriptions" ni a ti ń fagi lé e, lábẹ́ orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun kẹta ni iye owó, ibẹ̀ sì ni ohun kan wà tó ń tan àwọn òbí olóye pàápàá jẹ. Nínú Google Play, lábẹ́ "Payments & subscriptions", ẹ ó rí "Budget & history". Ẹ lè kọ ₦5,000 síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí ẹ fẹ́ ná lóṣù. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé tí owó bá ti pé ₦5,000, Google á ní ó tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ lásán ni iye yẹn. Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ ti ń sún mọ́ ọn tàbí pé ẹ ti kọjá rẹ̀, àmọ́ kò dá ọjà kankan dúró. Mo ṣì máa ń ní kí àwọn òbí kọ ọ́, torí pé ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n mi ò kì í kà á mọ́ ààbò.

Ibi tí ààlà gidi wà ni àpò tí owó ti ń jáde. Nínú ìdílé aránṣọ tí mo mẹ́nu bà, ká ní káàdì àkáǹtì mìíràn ló wà lórí Google Play, tí ₦3,000 péré sì kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá ti ra áàpù tirẹ̀. Ọmọ á ra àpótí ₦1,800 kan, ₦1,200 á kù, èkejì kò sì ní gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ètò tó kù lórí fóònù ṣì burú bó ṣe wà. Àdánù náà á dín láti ₦23,400 sí ₦1,800. Báyìí ni mo ṣe máa ń bá ìdílé tò ó: àkáǹtì kékeré kan lọ́tọ̀, káàdì tirẹ̀ nìkan lórí Google Play, kí òbí sì máa fi ohun tó fẹ́ ná sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Àwọn báńkì kan máa ń fún oníbàárà ní káàdì orí ẹ̀rọ tí kò ní ike. Òun náà dára, tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ bá fi sínú rẹ̀ nìkan ló lè ná. Èyí tó bá ń fa owó látinú àkáǹtì ńlá tààrà kò yàtọ̀ sí káàdì ATM yín. Ẹ tún wò ó nínú áàpù báńkì yín bóyá ẹ lè dín iye tí káàdì lè ná lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóòjọ́ kù. Ẹ sì rí i dájú pé àlẹ́ẹ̀tì àkáǹtì kékeré náà ń wọlé síbi tí ẹ ti máa ń tètè rí i.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yọ káàdì kúrò pátápátá. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kì í ra nǹkan kan lórí fóònù. Ẹni tó ń sanwó áàpù fún iṣẹ́ rẹ̀ á tún fi káàdì náà padà lọ́jọ́ kan, bí kò bá sì ti tún ètò yòókù ṣe, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló padà sí. Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé káàdì nìkan kọ́ ló ń sanwó. Níbi tí iléeṣẹ́ síìmù bá ti so pọ̀ mọ́ Google Play, tí ẹnì kan sì ti gbà á láyè lórí fóònù náà, owó ìpè inú síìmù lè ra dáyámọ́ńdì bí káàdì ṣe ń rà á. Ẹ wo "Payment methods" dáadáa, kí ẹ yọ ohun gbogbo tí ẹ kò fẹ́ kí ó máa sanwó.

Fún àwọn ènìyàn wa ní London tàbí ní Houston, tí ọmọ wọn ń lo aífóònù, ọgbọ́n náà kò yàtọ̀, orúkọ ló yí padà. "Ask to Buy", tó wà nínú ètò "Family", ni àṣẹ gbígbà tiwọn. Fún ọmọ tí kò tíì pé 13, ó ti wà ní títàn látìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí òbí kò bá dáhùn láàárín wákàtí 24 á parẹ́, ọmọ á tún un béèrè. Tí ẹ kò bá fẹ́ ọjà inú áàpù rárá, "Screen Time" ni ẹ ó wọ̀, kí ẹ tẹ "Content & Privacy Restrictions", lẹ́yìn náà "iTunes & App Store Purchases", kí ẹ sì yan "Don't Allow" fún "In-app Purchases". Nọ́ńbà tí ẹ ó fi ti "Screen Time" kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ fi ń ṣí fóònù.

Bí owó bá ti wá lọ ńkọ́? Àkókò ló ṣe pàtàkì. Láàárín wákàtí 48, òbí lè béèrè owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ Google Play tààrà. Tí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe géèmù náà ni wọ́n sábà máa ń darí rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ sì lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ lọ sínú "Budget & history", ẹ wo gbogbo ohun tí ọmọ rà, kí ẹ má fi ẹnu ọmọ nìkan kà á. Ẹ wá í-meèlì yín, ìwé ẹ̀rí owó kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GPA. Ẹ béèrè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí, pé ọmọ ló rà á láìgba àṣẹ. Lọ́jọ́ yẹn náà, kí ẹ tó sùn, ẹ yí "Every 30 minutes" padà sí "Always". Mo ti rí ìdílé tí owó wọn padà wá, tí ọmọ tún fi ọ̀nà kan náà ná an, nítorí pé wọ́n dojú kọ owó, wọ́n gbàgbé ètò.

Èmi kò fẹ́ kí òbí máa dáhùn "rárá" sí gbogbo ìbéèrè ọmọ. Ọmọ tí gbogbo ìbéèrè rẹ̀ bá ń já sí "rárá" á wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà kò sì ṣòro rí fún un. Ohun tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni pé, nígbà tí ìbéèrè bá dé, kí òbí pe ọmọ, kó fi iye náírà hàn án, kó sì sọ iye tó kù nínú àkáǹtì kékeré fún oṣù yẹn fún un. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ bóyá ó ṣì fẹ́ ẹ. Tó bá ní òun fẹ́ ẹ, tí owó sì wà níbẹ̀, ẹ rà á. Tí owó bá tán kí oṣù tó parí, ẹ má ṣe fi kún un. Nígbà tí ọmọ bá ti lè sọ fún yín, kí ẹ tó béèrè, pé ₦1,800 ni ohun tí òun fẹ́ àti pé ₦1,200 ló kù, ẹ lè jẹ́ kó máa gba áàpù ọ̀fẹ́ láìbéèrè, kí ẹ sì fi àṣẹ sílẹ̀ fún ọjà inú áàpù nìkan. Èmi kì í fi ọjọ́ orí mọ ìgbà tó yẹ kí a dẹ okùn yìí fún ọmọ. Ìgbà tó bá ti ń fi náírà ka dáyámọ́ńdì ni.